"Bonsoir, Maman": Bí Kíláàsì Faransé Ṣe Ń Kọ́ni Láti Kíni àti Láti Rajà

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ èdè Faransé, ẹ̀kọ́ ọjà rírà kì í pẹ́ dé. Obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Párì, ó kí ọlọ́jà, ó ní òun fẹ́ tòmátì kílò kan. Ọlọ́jà bi í bóyá ó tún ku nǹkan, ó ní rárá. Ó béèrè iye owó, ó san án, ó dágbére. Ìlà mẹ́wàá péré ni gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì á dìde níwájú kíláàsì, oníkálukú á ka ìlà tirẹ̀, olùkọ́ á ní wọ́n ṣe dáadáa, wọ́n á jókòó.

Ká wá sọ pé ọ̀kan nínú wọn sọdá bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó sì dé ọjà Dantokpa ní Kútọnu láti ra áńkárá. Àfi ìkíni àti ìdágbére nìkan ni yóò bá ohun tó kọ́ mu. Iye tí aláṣọ máa kọ́kọ́ pè kọ́ ni iye tó fẹ́ gbà. Owó náà kì í ṣe yúrò mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún méjìlá sẹ́fà ni. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì dákẹ́ tó ń wá ìlà tó kàn lọ́kàn, aláṣọ ti kọjú sí oníbàárà mìíràn.

Ìtàkùrọ̀sọ inú ìwé kò tìtorí ìyẹn di aláìwúlò. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn oníṣòwò ti ń fi irú rẹ̀ kọ́ èdè ara wọn. Ní ìlú Bruges, níbi tí àwọn oníṣòwò aṣọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Yúróòpù ti ń pàdé, ẹnì kan kọ ìwé kan ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní "Livre des mestiers". Faransé wà ní apá kan ojú ìwé, èdè àwọn ará Bruges wà ní apá kejì. Ìkíni ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ohun èlò ilé àti oúnjẹ, kí wọ́n tó wá dé ibi tí wọ́n ti ń ná owó aṣọ. Ní nǹkan bí ọdún 1480, William Caxton, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ irú ìwé náà jáde ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń lo ìwé bẹ́ẹ̀ mọ ọjà tó ń lọ àti irú ọ̀rọ̀ tó máa pàdé níbẹ̀. Ohun tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ ń ṣe lónìí náà nìyẹn: ó ń kọ ìtàkùrọ̀sọ tó bá ọjà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ná mu, lẹ́yìn náà ó ń gba ìwé náà kúrò lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀.

Ìkíni ló ń ṣílẹ̀kùn ọjà

Láàárín àwọn tó ń sọ Faransé, yálà ní Párì tàbí ní Kútọnu, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó kàn béèrè iye owó láìkí ọlọ́jà ti hùwà àfojúdi. Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ohun tó yẹ kí kíláàsì fi àkókò sí ni bí wọ́n ṣe ń kí i. "Bonjour" nìkan tó, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ọ̀yàn nínú tí "madame" tàbí "monsieur" bá tẹ̀ lé e. Ní Kútọnu, ìyá tó ń tajà kò ní bínú tí ọmọdé bá pè é ní "maman". Àti pé níbẹ̀, tí ọ̀sán bá ti pọ́n, "bonsoir" ni wọ́n máa ń sọ, nígbà tí ìwé tó wá láti Faransé á ṣì máa sọ "bonjour" títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ẹni tó bá dé lè gbọ́ "bonne arrivée", tí wọ́n fi ń kí ẹni tó dé káàbọ̀. Ìkíni yìí wọ́pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Párì kì í sábà ní in.

Ọ̀rọ̀ "tu" àti "vous" máa ń gba àsìkò púpọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́. Ọmọ Yorùbá ti ń ṣe é láti kékeré: ẹni tó bá ń sọ "ẹ" fún àgbà tó sì ń sọ "o" fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí "vous" àti "tu" ń gbé. Ìyàtọ̀ tó yẹ kó fiyè sí ni pé nílẹ̀ Faransé, àjèjì sí àjèjì ni "vous", bí ọlọ́jà tiẹ̀ kéré sí oníbàárà lọ́jọ́ orí. Ní ọjà Kútọnu, ìyá aláṣọ lè pe ọ̀dọ́ ní "tu" láìsí pé ó fẹ́ tàbùkù rẹ̀. Kí ọ̀dọ́ náà má ṣe dá "tu" padà fún un.

Ìṣòro tó wà nínú "vous" wà lẹ́nu, kò sí nínú ìtumọ̀. Èdè Yorùbá kò ní ìró "v", nítorí náà ahọ́n tó yára á sọ "fu". Ó sì bani nínú jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ gan-an, "fou", èyí tó túmọ̀ sí wèrè. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀ bíi pé ó fẹ́ pe "f", kó wá jẹ́ kí ohùn jáde kí ọ̀nà ọ̀fun máa gbọ̀n. Tó bá fi ìka kan ọ̀fun rẹ̀, ó máa mọ̀ ọ́n lára: "f" kì í mì, "v" máa ń mì.

Ìtàkùrọ̀sọ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká wo ìtàkùrọ̀sọ kékeré tí kíláàsì kan lè lò. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń ra áńkárá yáàdì mẹ́fà lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kan. Yáàdì méjìlá ni wọ́n ń pè ní "pièce", mẹ́fà ni "demi-pièce", "pagne" sì ni aṣọ náà.

— Bonsoir, maman.
— Bonsoir, ma fille. Bonne arrivée.
— Merci. Ça va ?
— Ça va bien. Tu cherches quoi ?
— Ce pagne, c'est combien ?
— La demi-pièce ? Douze mille.
— Douze mille ! C'est trop cher. Diminuez un peu, s'il vous plaît.
— Tu donnes combien ?
— Dix mille.
— Non, ma fille. Onze mille, dernier prix.
— D'accord. Voilà douze mille.
— Et voilà ta monnaie, mille francs.
— Merci beaucoup. Au revoir, maman.

Ọmọbìnrin náà kí ìyá, ìyá kí i káàbọ̀, ó sì béèrè ohun tó ń wá. Ọmọ béèrè iye owó, ìyá pè é ní ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ọmọ ní ó ti wọ́n jù, kí ìyá ẹ̀ẹ́ dín in kù díẹ̀. Ìyá béèrè iye tó máa san, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ìyá ní mọ́kànlá ni òpin rẹ̀. Ọmọ san ẹgbẹ̀rún méjìlá, ìyá fún un ní ṣéńjì ẹgbẹ̀rún kan.

Tí èèyàn bá fi ìyẹn wé ti tòmátì Párì, á rí i pé ohun tó kù nínú ti Párì ni ìdúnàádúrà. Ní ṣọ́ọ̀bù Párì, iye owó ti wà lára ọjà, nítorí náà "je voudrais", tó fi ọ̀wọ̀ sọ pé mo fẹ́, ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ní Dantokpa, "c'est combien" ló ń ṣiṣẹ́ jù, "c'est trop cher" sì tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lọ sí Faransé nílò àkọ́kọ́, èyí tó ń lọ sí Kútọnu nílò èkejì. Olùkọ́ tó kó méjèèjì papọ̀ nínú ẹ̀kọ́ kan á da akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn rú. Kó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kejì fún ìkejì.

Gbígba ìwé kúrò lọ́wọ́ wọn

Ní ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo kíláàsì á gbọ́ ìtàkùrọ̀sọ náà kí wọ́n tó rí i. Ohun tí ojú bá kọ́kọ́ rí ni ẹnu máa ń tẹ̀ lé, lẹ́tà Faransé sì kún fún èyí tí wọn kì í pè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí "beaucoup" á fẹ́ pe "p" tó wà níparí rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n sì tún un sọ, ìgbà yẹn ni wọ́n máa gba ìwé. Wọ́n á kà á ní méjìméjì, wọ́n á sì pààrọ̀ ipò kí oníkálukú lè jẹ́ ọlọ́jà àti oníbàárà.

Ní ìgbà kejì, olùkọ́ á fún wọn ní ìwé kan náà pẹ̀lú àlàfo. Àwọn ìlà ọlọ́jà ṣì pé, àmọ́ ti oníbàárà ti di "Bonsoir, ……", "Ce ……, c'est ……?". Ọ̀pọ̀ kíláàsì ló ń dúró síbí, nítorí ohun gbogbo ń lọ déédéé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀kan náà. Oníbàárà ti mọ iye tí ọlọ́jà máa pè kí ọlọ́jà tó lanu. Kò sí ìdí kankan fún un láti tẹ́tí sílẹ̀.

Ìgbà kẹta ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ìwé ti kúrò nílẹ̀, káàdì méjì ló dé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ rí ti ẹnìkejì. Lórí káàdì oníbàárà, wọ́n kọ ọ́ pé: "O fẹ́ áńkárá aláwọ̀ búlúù yáàdì mẹ́fà. Nótì 10,000 kan àti 1,000 kan ló wà lọ́wọ́ rẹ. Kí ọlọ́jà kó o tó béèrè ohunkóhun." Lórí ti ọlọ́jà: "Búlúù ti tán. Pupa àti àwọ̀ ewé ló kù. Kọ́kọ́ pè é ní 12,000. O kò lè gbà kéré sí 10,500. Kò sí ṣéńjì 500 lọ́wọ́ rẹ."

Kíá ni yóò hàn ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ àti ẹni tó há a sórí. Oníbàárà tó béèrè búlúù á gbọ́ "il n'y a plus de bleu". Tó bá há ìlà rẹ̀ sórí nìkan, "c'est combien" ló máa sọ tẹ̀ lé e, fún aṣọ tí kò sí. Ẹni tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ á dúró, á ronú, á sì béèrè ohun tó kù. Tí wọ́n bá sì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ààbọ̀ parí owó náà, ṣéńjì di ìṣòro. Kò sí ìlà kankan nínú ìwé tó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe yanjú rẹ̀. Àwọn kan á ní kí ọlọ́jà gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kó jẹ́ kó lọ. Òmíràn á ní òun fẹ́ lọ ṣẹ́ owó, á sì sọ "je reviens", pé mò ń padà bọ̀. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ á nawọ́ sí òwú ìránṣọ kan pé kí wọ́n fi ìyẹn dípò. Faransé tí wọ́n lò lè má gún régé, ṣùgbọ́n ọjà ti tà.

Ìdí tí àlàfo ìmọ̀ láàárín káàdì méjèèjì fi ṣe pàtàkì hàn nínú ìtàn ẹ̀kọ́ Faransé fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, Georges Gougenheim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀ nílẹ̀ Faransé láti mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́, wọ́n sì pe ohun tó jáde ní "Français fondamental". Lórí rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ "Voix et Images de France" kà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wo àwòrán, tó ń gbọ́ ìtàkùrọ̀sọ láti inú téèpù, tó sì ń há a sórí. Ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà já gaara lórí ohun tí wọ́n ti há. Àléébù tí àwọn olùkọ́ wá rí sí i ni pé tí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bá ti sọ ohun tí kò sí nínú téèpù, wọ́n á kú sílẹ̀.

Owó lẹnu ń ṣì

Tí ìtàkùrọ̀sọ bá máa bàjẹ́, ibi tí nọ́ńbà wà ló sábà máa ń bàjẹ́ sí. Owó sẹ́fà mú kí èyí burú sí i, nítorí nótì rẹ̀ wà láti 500 dé 10,000, tí gbogbo rírà àti títà sì ń lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ẹ gbọ́ méjì yìí: "deux mille" àti "dix mille". Ẹgbẹ̀rún méjì ni àkọ́kọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni ìkejì. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ka nọ́ńbà láti ọ̀kan dé mẹ́wàá, "dis" ló kọ́ láti pe mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n tí "mille" bá tẹ̀ lé e, "s" náà á sá lọ, á di "di mil". Ìró tó wà nínú "deux" kò sì sí nínú Yorùbá rárá: kí èèyàn fi ahọ́n sí ibi tó ti ń pe "e", kó wá ká ètè jọ bíi pé "o" ló fẹ́ pè. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè sọ "di" tàbí "de", ọlọ́jà yóò sì gbọ́ èyí tó wù ú. "Douze mille" náà wà nítòsí. Yorùbá kò ní "z", nítorí náà ìparí "douze" lè pòórá, kí ẹgbẹ̀rún méjìlá fẹ́ dà bí ẹgbẹ̀rún méjì.

Irú rẹ̀ ni "cinq mille" àti "cent mille", ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ọ̀kẹ́ márùn-ún. Ibí yìí ni Yorùbá ti ní àǹfààní tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní, nítorí ìró àránmúpè ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Fáwẹ́lì inú "cinq" sún mọ́ èyí tó wà níparí "ìyẹn". Ti inú "cent" sún mọ́ èyí tó wà nínú "ìtàn". Àmọ́ àǹfààní náà ní ààlà. Púpọ̀ wa ló ń pe "an" àti "ọn" bákan náà, Faransé sì yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà "cent" lè jáde bíi "son". Kí akẹ́kọ̀ọ́ la ẹnu díẹ̀ sí i fún "cent", kó má ká ètè.

Ọgọ́rin kò yẹ kó bà wá lẹ́rù. Ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin, ogún mẹ́rin náà sì ni "quatre-vingts". Ibi tí ọ̀nà ti yà ni àádọ́rin: àwa yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rin, Faransé fi mẹ́wàá kún ọgọ́ta, "soixante-dix".

Báwo ni olùkọ́ ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ nọ́ńbà lóòótọ́? Tó bá bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn, gbogbo wọn á ní "oui". Kó gé ìwé, kó kọ 500, 1,000, 2,000, 5,000 àti 10,000 sí i, kó fún oníkálukú ní díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà kó máa pe iye owó, kí wọ́n máa na iye náà sókè láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó bá pe "deux mille" tí ìdajì kíláàsì na nótì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sókè, kò tún sí àníyàn pé ó yé wọn tàbí kò yé wọn. Ó ti mọ ìró tó yẹ kó padà sí.

Nígbà tí kò bá yéni

Ìlà kan wà tí ọ̀pọ̀ ìtàkùrọ̀sọ inú ìwé kì í ní: ìlà ẹni tí kò gbọ́. Nínú ìwé, gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀, nínú ìpele tí Ìgbìmọ̀ Yúróòpù là sílẹ̀ ní 2001 fún ẹ̀kọ́ èdè, èyí tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní A1, sọ ọ́ kedere pé ẹni tó wà níbẹ̀ lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún bá ṣe tán láti tún ọ̀rọ̀ sọ kó sì rọra sọ ọ́. Kí wá ni akẹ́kọ̀ọ́ máa sọ láti gba ìrànlọ́wọ́ náà?

"Répétez, s'il vous plaît" wúlò, ṣùgbọ́n ó ní àléébù: ọlọ́jà á tún nọ́ńbà kan náà sọ, lọ́nà kan náà, pẹ̀lú ohùn tó ga sí i. Ohun tó dára jù ni kí oníbàárà fi méjì lé e lọ́wọ́ kó mú ọ̀kan: "Deux mille ou dix mille ?" Tí ìyẹn náà kò bá là á, kó na nótì sókè kó béèrè "comme ça ?", pé ṣé irú èyí ni. Ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù náà ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa. Olùkọ́ lè sọ ọ́ di òfin nínú eré náà pé kí ọlọ́jà mọ̀ọ́mọ̀ sáré pe iye owó nígbà àkọ́kọ́, kí oníbàárà má sì gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ títí tó fi máa rí i dájú.

Ìdánwò DELF A1, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ń ṣe, fi irú eré yìí parí apá ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti múra sílẹ̀, ó sì máa bá olùdánwò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje. Ó kọ́kọ́ máa dáhùn ìbéèrè nípa ara rẹ̀, lẹ́yìn náà òun náà á béèrè ìbéèrè, níkẹyìn wọ́n á ṣe bí ọlọ́jà àti oníbàárà, pẹ̀lú àwòrán ọjà àti owó. Olùdánwò kì í wo Faransé tó gún nìkan. Ó ń wò ó bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kí òun, bóyá ó sọ "s'il vous plaît", bóyá ó mọ iye tó yẹ kó san, bóyá ó dágbére. Ẹni tó sáré lọ sórí ọjà láìkíni ti sọ máàkì tó rọrùn jù nù.

Ohun kan ṣì wà tí ìtàkùrọ̀sọ kò lè bójú tó. Faransé ni èdè ìjọba ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n Fọ̀n ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà Kútọnu ń bá ara wọn sọ, àwọn Yorùbá sì pọ̀ nínú ọjà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kí ìyá aláṣọ ní "bonsoir" tó dùn, kí ìyá náà wo ojú rẹ̀, kó sì dá a lóhùn pé, "Ẹ káàbọ̀, ṣé Èkó lẹ ti wá?" Àwọn olùkọ́ kan ti fi ìyẹn náà sórí káàdì ọlọ́jà. Wọ́n ní kí oníbàárà dúpẹ́, kó rẹ́rìn-ín, kó sì tún fi Faransé béèrè iye owó, nítorí pé ẹni tó bá yà sí Yorùbá ní ìlà kejì kò ní dé ibi tí wọ́n ti ń sọ "dernier prix".